Dánfó Dúró, Ìlú Ń Sá: Bí Wọ́n Ṣe Ń To Àwòrán Ẹ̀yìn Nínú Kàtúùnù

Ẹni tó bá wọ dánfó láti Ọ̀wọ́róńṣòkí lọ sí Èkó ní ìrọ̀lẹ́, tó sì jókòó ti fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún, yóò rí i pé ohun tó wà níta kì í sá bákan náà. Irin etí afárá Tọ́ọ̀dù Méńlándì ń fò kọjá débi pé ojú kò ráyè mú ẹyọ kan nínú wọn. Àwọn ilé onípákó Màkókò tó dúró lórí omi ń yọ́ kọjá jẹ́jẹ́. Àwọn ilé ìgboro tó wà lẹ́yìn wọn lọ́ọ̀ọ́kán fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Oòrùn ní tirẹ̀ ń bá ọkọ̀ lọ ni, àfi bí ẹni pé òun náà sanwó ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó rìn nínú wọn. Ọkọ̀ nìkan ló ń rìn. Bí ojú ẹni ṣe ń rìn ni ohun tó súnmọ́ ń yára kúrò nípò rẹ̀, tí ohun tó jìnnà sì ń fà sẹ́yìn, èyí sì wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Párálásì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn tó ń ṣe kàtúùnù ti sọ ọ́ di ọgbọ́n iṣẹ́: wọ́n á ya àwòrán pẹlẹbẹ mélòó kan, wọ́n á tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á máa fà wọ́n kọjá pẹ̀lú ìyára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó ń wòran á sì gbà pé ìlú gidi ló wà níbẹ̀.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́ lórílẹ̀. Lotte Reiniger, obìnrin ará Jámánì tó ń fi bébà dúdú tí wọ́n gé ṣe fíìmù, to gíláàsì ní ipele-ipele lábẹ́ kámẹ́rà nígbà tó ń ṣe fíìmù ọmọ ọba Áhámẹ́dì tó jáde ní 1926. Ní 1937, ilé iṣẹ́ Walt Disney gbé kámẹ́rà gàgàrà kan sílẹ̀ tó ń wolẹ̀ gba inú ọ̀pọ̀ gíláàsì tí wọ́n ya àwòrán sí, wọ́n sì fi ṣe The Old Mill, fíìmù kúkúrú tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Nígbà tó di 1982, eré orí ẹ̀rọ kan láti Jàpáánù, Moon Patrol, ti ń fi òkè tó jìnnà àti òkè tó súnmọ́ sáré lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìyára tó yàtọ̀ síra. Lónìí kò sẹ́ni tó nílò gíláàsì mọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti Blender tàbí OpenToonz, tí a kì í san kọ́bọ̀ lórí wọn, ti tó.

Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ló ń fi ojú wọn ìyára lásán: ọ̀run kò gbọdọ̀ rìn, òkè á rìn díẹ̀, igi á rìn ju òkè lọ, ó tán. Nígbà tí wọ́n bá wá wo ohun tí wọ́n ṣe, ilé á máa yọ̀ lórí ilẹ̀ bíi pé wọ́n da epo síbẹ̀, wọn ò sì ní mọ ibi tó ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń darí gbogbo rẹ̀: ibi tí ẹsẹ̀ nǹkan tẹ̀ sí nínú àwòrán. Ẹni tó bá ti mọ ibẹ̀ ti mọ bí nǹkan náà ṣe gbọdọ̀ tóbi tó, ó sì ti mọ bó ṣe gbọdọ̀ yára tó.

Ìran kan náà lórí afárá yìí dára láti fi wò ó. Ká ní ayàwòrán kan fẹ́ ṣe ìṣẹ́jú àáyá 8 péré: dánfó aláwọ̀ yẹ́lò ń lọ sí apá òsì ojú ìwòran, Màkókò wà lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn ń wọ̀. Kámẹ́rà dúró sójú òfuurufú lórí ọ̀sà, ní ìlà oòrùn afárá, ó sì ń bá dánfó náà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Afárá yìí ní ojú ọ̀nà méjì, ti àwọn tó ń lọ àti ti àwọn tó ń bọ̀. Ayàwòrán wa yọ èyí tó wà níwájú kúrò kí dánfó lè hàn. Kò sí ẹni tó máa bi í.

Ojú ìwòran fẹ̀ tó 1920 píksẹ́lì, ó ga tó 1080; píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Fíìmù náà sì ń fi àwòrán 24 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní férémù. Kámẹ́rà fi 10 mítà ga ju omi lọ, ó sì jìnnà sí dánfó ní 40 mítà. Dánfó tó gùn tó 5 mítà ni wọ́n yà ní 240 píksẹ́lì, nítorí náà mítà kan lórí afárá jẹ́ 48 píksẹ́lì. Ká ní ọ̀nà kò dí, kò sì ṣófo, kí dánfó máa sá 10 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ 480 píksẹ́lì, tí a bá sì pín in sí férémù 24, ó di 20 píksẹ́lì fún férémù kan.

Dánfó fúnra rẹ̀ kò ní kúrò láàárín ojú ìwòran. Táyà rẹ̀ ń yí, ara rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, ó parí. Afárá ló ń sá lọ sí apá ọ̀tún lábẹ́ rẹ̀, 20 píksẹ́lì ní férémù kọ̀ọ̀kan.

Òfin tó kù kò le. Ohun tó bá jìnnà sí kámẹ́rà ní ìlọ́po méjì dánfó, ìdajì ìyára yẹn ni yóò ní. Èyí tó jìnnà ní ìlọ́po márùn-ún yóò ní ìdá kan nínú márùn-ún. Bí a bá kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí Z dúró fún iye mítà tí nǹkan fi jìnnà sí kámẹ́rà, tí F jẹ́ nọ́ńbà férémù, tí x0 sì jẹ́ ibi tí nǹkan náà wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó di:

```
x = x0 + 20 * (40 / Z) * F
```

Àwọn ilé ìgboro tó wà ní 800 mítà yóò rìn ní píksẹ́lì 1 péré fún férémù kan. Oòrùn jìnnà débi pé òǹkà rẹ̀ di òdo, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó ń tẹ̀lé ọkọ̀.

Ti Màkókò ni ayàwòrán á kọ́kọ́ fi orí họ. Tí ó bá gbé àwọn ilé náà sí 800 mítà, ilé tó ga ní 5 mítà yóò di píksẹ́lì 12. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ilé ni tàbí ìdọ̀tí lójú gíláàsì. Ó gbọ́dọ̀ fà wọ́n súnmọ́ tòsí, gbogbo ayàwòrán ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ tó yẹ ni. Ohun tí kò yẹ ni kí ó sọ ilé di ńlá kí ó sì fi ìyára àti ìdúró rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ká ní ó mú Màkókò wá sí 200 mítà. Ìlọ́po márùn-ún ti dánfó nìyẹn, ìyára rẹ̀ di píksẹ́lì 4. Mítà kan níbẹ̀ di píksẹ́lì 9.6, ilé tó ga ní mítà 5 sì di 48 píksẹ́lì: ó kéré ní ìwọ̀n ìdajì dánfó ní gíga, ojú sì lè rí fèrèsé rẹ̀ àti páànù tó ti dípẹtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kámẹ́rà ga ju omi lọ ní mítà 10, nítorí náà ibi tí òpó ilé náà ti wọ omi gbọ́dọ̀ wà ní píksẹ́lì 96 nísàlẹ̀ ìlà tí omi àti ọ̀run ì bá ti pàdé ká ní nǹkan kan kò dí i. Nígbà tí kámẹ́rà kò tẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀, àárín ojú ìwòran gan-an ni ìlà yẹn ń gbà kọjá.

Ibi yìí ni adùn ọ̀rọ̀ náà wà. Ohunkóhun tó bá dúró lórí omi ọ̀sà yìí, a kò nílò láti mọ bó ṣe jìnnà tó. Ká wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìlà ojú ọ̀run, ká pín iye píksẹ́lì náà sí 10, a ti rí bí mítà kan ṣe gbọdọ̀ tóbi tó níbẹ̀. Ká tún pín iye kan náà sí 24, a ti rí ìyára rẹ̀. Ilé Màkókò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní 96 ń rìn ní 4. Bí ọkọ̀ apẹja kan bá wà níwájú àwọn ilé náà, tí ìdí rẹ̀ wà ní 120 píksẹ́lì, mítà kan lára rẹ̀ á jẹ́ píksẹ́lì 12, ìyára rẹ̀ á sì jẹ́ 5. Tí ayàwòrán bá gbé ọkọ̀ náà sísàlẹ̀ sí i nítorí pé ó fẹ́ kó hàn dáadáa, ó ti pinnu ìyára rẹ̀ nìyẹn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Àwọn nọ́ńbà 10 àti 24 yìí wá láti ibi tí a gbé kámẹ́rà sí àti bí ó ṣe ń yára tó. Ìran mìíràn á ní tirẹ̀. Dánfó kò sí lábẹ́ wọn, nítorí orí afárá ló wà, kò sí lórí omi.

Omi fúnra rẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ilé lè jẹ́ pátákó kan tí wọ́n ń fà, ṣùgbọ́n omi kò ní ibì kan tó dúró sí: ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ afárá, ó sì lọ títí dé ìdí Màkókò. Bí wọ́n bá fa gbogbo rẹ̀ ní ìyára kan ṣoṣo, á dà bí aṣọ tí wọ́n ta dúró lẹ́yìn dánfó. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gé omi sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ níbùú. Nínú ìran tiwa, kí ọ̀já kọ̀ọ̀kan ga ní píksẹ́lì 24, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ sì máa fi píksẹ́lì 1 yára ju ti òkè rẹ̀ lọ. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn tó ṣe eré Sonic the Hedgehog fún ilé iṣẹ́ Sega ní 1991 lò fún omi tó ń dán lẹ́yìn Sonic: ẹ̀rọ Sega lè fa ìlà kọ̀ọ̀kan àwòrán ẹ̀yìn ní ìyára tirẹ̀, kò sì ná wọn ní àwòrán àfikún kankan.

Ìgbì ló lè ba ọ̀já jẹ́. Tí ayàwòrán bá ya ìgbì tó ga kọjá ọ̀já kan bọ́ sí òmíràn, á ya sí méjì lójú gbogbo ayé lẹ́yìn férémù mélòó kan, nítorí ìdajì kan ń sá ju èkejì lọ. Ìgbì kúkúrú, tó tẹ́ níbùú, tí kò jáde kúrò nínú ọ̀já tirẹ̀, ni kí ó yà.

Bí a ṣe máa dán gbogbo rẹ̀ wò rọrùn. Kí ayàwòrán tẹ́jú mọ́ ẹsẹ̀ òpó ilé kan àti ìgbì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, kí ó sún fíìmù síwájú ní férémù mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí méjèèjì bá jọ ń lọ, ó ti ṣe é re. Bí ìgbì bá ń fi òpó sílẹ̀, ilé yẹn ń yọ̀, ìyára rẹ̀ kò sì bá ibi tó dúró sí mu. Àyẹ̀wò yìí náà ló ń tú àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ nínú Blender àti OpenToonz fó. Àwọn ètò yìí lè ṣe ìṣirò náà fúnra wọn: èèyàn á gbé pátákó àwòrán kọ̀ọ̀kan sí jíjìn rẹ̀ gidi, á sì rin kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n tí ó bá ti gbé wọn síbẹ̀ tán, tó tún wá ń fi ọwọ́ fa pátákó kọ̀ọ̀kan, párálásì ti di méjì lórí ara wọn. Kí ó mú ọ̀nà kan, kí ó fi èkejì sílẹ̀.

Fífẹ̀ àwòrán ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé títí àlàfo funfun á fi yọ létí ojú ìwòran. Ìṣẹ́jú àáyá 8 jẹ́ férémù 192. Màkókò tó ń rìn ní 4 yóò kọjá 768 píksẹ́lì, nítorí náà àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ojú ìwòran lọ ní 768: 2688 lápapọ̀. Ìgboro tó jìnnà kò ju 2112 lọ. Ọ̀run kò ju 1920 lọ. Afárá ló ń jẹ àwòrán: 5760. Kò sẹ́ni tó ní ìdí láti ya gbogbo ìyẹn. Ègé kan tó fẹ̀ ní 1920 tí wọ́n tò lẹ́ẹ̀mẹta ti tó, bí etí rẹ̀ ọ̀tún bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ti òsì. Àmọ́ ègé yẹn yóò padà wá ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 4. Bí ó bá ní àmì kan tó gba ojú, bíi bébà ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó, olùwòran á rí bébà kan náà tó ń kọjá léraléra, ayédèrú á sì hàn. Kí ègé tí wọ́n ń tún lò má ní ohun ìdánimọ̀. Bébà ìpolówó, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, kí ó kọjá lẹ́ẹ̀kan.

Irin etí afárá tún ní ìṣòro tirẹ̀, òun sì ni ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu jù. Afárá ń rìn ní 20 píksẹ́lì. Ká ní wọ́n ya àwọn òpó irin kéékèèké náà pẹ̀lú àlàfo 20 píksẹ́lì láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ní férémù tó tẹ̀lé e, òpó kọ̀ọ̀kan á bọ́ sí ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, ojú ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan: irin á dúró gbagidi nígbà tí afárá ń sá. Bí àlàfo náà bá jẹ́ 24, ó tún burú sí i. Òpó tó súnmọ́ jù sí ibi tí ojú ń wò á wà ní píksẹ́lì 4 sẹ́yìn, ọpọlọ á sì gbà pé irin ń rìn padà, ó ń bá dánfó lọ sí Èkó. Ìdí kan náà ló fà á tí táyà ọkọ̀ fi máa ń dà bíi pé ó ń yí sẹ́yìn nínú fíìmù. Ohun tó ń wò ó sàn ni kí àlàfo ju ìlọ́po méjì ìṣísẹ̀ lọ, ìyẹn ju 40 lọ nínú ìran yìí. Àlàfo 96 dára: mítà 2 ni láàárín òpó sí òpó, ó sì pín 1920 dọ́gba, nítorí náà kò ní da ìtòpọ̀ ègé rú. Kí wọ́n tún fi ètò kọ̀ǹpútà fa àwọ̀ òpó náà níbùú ní ìwọ̀n píksẹ́lì 10, bí kámẹ́rà gidi ṣe máa ń ṣe sí ohun tó bá ń sáré, kí etí rẹ̀ má baà máa gún ojú.

Ohun tó wà níwájú dánfó nílò ọwọ́ tó tún fúyẹ́ ju ti irin lọ. Ká ní ayàwòrán fẹ́ kí ìgbòkun ọkọ̀ apẹja kan gba ìsàlẹ̀ àwòrán kọjá, ní 20 mítà sí kámẹ́rà. Ìyára rẹ̀ jẹ́ 40 píksẹ́lì, ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ló máa fi la ojú ìwòran já. Kí ó ṣókùnkùn, kí etí rẹ̀ rọ̀, kí ó kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Òpó ìgbòkun tó ga ní mítà 7 yóò gba abẹ́ táyà dánfó kọjá láì bò ó. Àwọn tó bá kó ewéko, wáyà àti òpó iná jọ síwájú ń pa eré ara wọn ni, nítorí ohun tó yára jù ni ojú ń tẹ̀lé.

Ìyára tó kéré jù náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ayàwòrán bá gbé òkè kan sí 2000 mítà, ìṣísẹ̀ rẹ̀ á di 0.4 píksẹ́lì. Àwọn ètò kan kì í rìn ní ìdá píksẹ́lì. Wọ́n á jẹ́ kí òkè náà dúró fún férémù kan tàbí méjì, kí ó tó fò lẹ́ẹ̀kan, olùwòran á sì rí i tó ń gbọ̀n. Kí ó fi òkè náà dúró pátápátá sàn ju kí ó máa gbọ̀n lọ.

Bí a bá wá kà wọ́n, ipele márùn-ún ló gbé ìran yìí: ọ̀run, ìgboro, Màkókò, afárá pẹ̀lú dánfó, àti ìgbòkun. Omi pẹ̀lú àwọn ọ̀já rẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ipele kẹfà sí i, kí ó lo àkókò yẹn lórí àwọ̀ dípò bẹ́ẹ̀: kí ìgboro fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àwọ̀ ọ̀run ìrọ̀lẹ́ nínú èéfín, kí Màkókò ṣókùnkùn ju ìyẹn lọ, kí afárá sì ṣókùnkùn jù. Bí àwọ̀ bá lòdì sí ìyára, tí ilé tó jìnnà dúdú ju èyí tó súnmọ́ lọ, ìṣirò kankan kò ní gbà á sílẹ̀.

Pátákó pẹlẹbẹ kò lè yí ara rẹ̀ padà. Ilé Màkókò tí wọ́n ya iwájú rẹ̀ á máa fi iwájú nìkan hàn títí ìran á fi parí. Fún ìṣẹ́jú àáyá 8 tí kámẹ́rà ń rìn gbọnrangandan, kò sẹ́ni tó máa fura. Ṣùgbọ́n tí ìtàn bá fẹ́ kí dánfó yà kúrò lórí afárá ní Adékúnlé, kí kámẹ́rà sì yí tẹ̀lé e, ọgbọ́n yìí ti dé òpin rẹ̀. Ó di dandan kí wọ́n kọ́ ilé náà ní onígun gidi nínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Ẹni tí owó tàbí àkókò rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kí ó gé ìran náà kí dánfó tó dé ibi tó ti ń yà.